Yíyọ orúkọ oníbàárà kò tó

Ìbéèrè: Oníṣirò owó ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Mo fẹ́ máa kọ̀wé sórí ayélujára kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé mo mọṣẹ́. Ìtàn iṣẹ́ tí mo ṣe fún àwọn oníbàárà ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè máa sọ wọ́n, bí mo bá sáà ti yọ orúkọ wọn?

Ìdáhùn: Rárá o, bí orúkọ nìkan lẹ bá yọ. Ká ní ẹ kọ ọ́ pé: “Oníbàárà mi kan tó ń ta irin ìkọ́lé láwìn, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó fi sídìí owó ló ń jà á lólè. Oṣù tó kọjá la mú un.” Ẹ ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ẹni tó sì ń wá oníṣirò owó, tó ka ọ̀rọ̀ yẹn, á máa rò ó pé ọjọ́ wo ni wọn ó gbé tòun náà síta.

Bí olè náà ṣe ṣe é ni kí ẹ kọ, ẹ fi àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣàlàyé pé agbowó a máa kó owó tí ajigbèsè àkọ́kọ́ san sápò, bí ẹnì kejì bá san tiẹ̀, a fi dí ti àkọ́kọ́, a sì fi ti ẹnì kẹta dí ti èkejì. Ọjọ́ ló máa ń tú u fó. Ẹ ní kí wọ́n fi ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì wé ọjọ́ tí owó wọ báǹkì. Bó bá ń pẹ́ lemọ́lemọ́, tí agbowó kò sì fẹ́ lọ sí ìsinmi rárá, àfi kí wọ́n yẹ ìwé wò. Ẹni tó ń gba owó kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó bá ka èyí ti rí i pé ẹ mọṣẹ́, kò sì sí àṣírí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìlànà IESBA tí àwọn oníṣirò owó ń tẹ̀ lé kárí ayé ka pípa àṣírí mọ́ kún ọ̀kan nínú òpó márùn-ún rẹ̀, kò sì parí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti agbẹjọ́rò: ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ABA, ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ oníbàárà tilẹ̀ wà nínú ìwé kóòtù tí gbogbo ayé lè kà, agbẹjọ́rò rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa gbé e kiri láìgba àṣẹ. Bí oníbàárà bá gbà, ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ kọ hàn án, kí ó fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ìgbà tí oníbàárà bá bú wọn ní gbangba. Inú á bí wọn, wọ́n á kọ ọ́ pé, “Ìwọ tí o kò fi ìwé owó orí rẹ ránṣẹ́ títí ọjọ́ fi kọjá ńkọ́?” Bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹ má kọ ọ́. Ẹ sọ pé: “Iṣẹ́ wa kò gbà wá láyè láti sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà níta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá ká jọ sọ ọ́.” Kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀, kódà bó bá tún fèsì.