Àbájáde IELTS méjì fún NMC: èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ fi ka ọjọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC ní Ìlú Ọba. Mo ṣe IELTS Academic ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2024: gbígbọ́ 7.5, kíkà 7, sísọ 7, kíkọ 6. Mo tún un ṣe ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún náà: gbígbọ́ 7, kíkà 6.5, sísọ 7, kíkọ 6.5. Ṣé wọn á gba méjèèjì pọ̀? Ìgbà wo ni àkókò wọn máa tán?"

NMC, ìyẹn àjọ tí ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, yóò gbà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn ni ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2026, kì í ṣe oṣù kejìlá ọdún náà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń rò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà gba ọ̀nà yìí kọjá láti Adó-Èkìtì, mo sì mọ bí ó ti ń rí lára nígbà tí owó ìdánwò bá ti jáde lápò tí ìwé tí a fi gbà sì ń sún mọ́ òpin rẹ̀.

Ohun tí NMC ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe IELTS Academic ni 7 nínú gbígbọ́, 7 nínú kíkà, 7 nínú sísọ, àti 6.5 nínú kíkọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò. Àpapọ̀ máàkì tí wọ́n kọ sí orí ìwé àbájáde kò lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 7.5 ṣùgbọ́n tí ó gba 6 nínú kíkọ kò tíì dé ibi tí wọ́n fẹ́. Kíkọ ni ó sì máa ń dí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́nà, kódà láàárín àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn aláìsàn lójoojúmọ́. 7 ni wọ́n ń béèrè nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìparí ọdún 2018 ni wọ́n sọ ọ́ di 6.5.

Nígbà tí èmi ń ṣe tèmi, òfin tí ó wà lórí pípa àbájáde méjì pọ̀ le ju ti ìsinsìnyí lọ. Ìjókòó méjèèjì gbọ́dọ̀ wà láàárín oṣù mẹ́fà síra wọn, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹ̀ka kan tí ó lọ sísàlẹ̀ 6.5 nínú èyíkéyìí nínú wọn. Mo ní 6 nínú kíkọ, nítorí náà gbogbo ìwé àbájáde yẹn di aláìwúlò, pẹ̀lú máàkì dídára tí ó wà nínú ẹ̀ka mẹ́ta yòókù. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tún wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo tún san owó náà ní pípé. Inú mi dùn gidigidi pé ẹ̀yin kò ní la èyí kọjá, nítorí pé ní oṣù kejì ọdún 2023 ni NMC yí òfin náà padà. Oṣù méjìlá ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún nísinsìnyí láàárín ìjókòó méjèèjì, wọ́n sì gbà kí máàkì ẹ̀ka kan fi ìdajì dín sí ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn ni pé kí gbígbọ́, kíkà àti sísọ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 6.5, kí kíkọ má sì ṣe lọ sísàlẹ̀ 6, nínú ìjókòó kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a gbé tiyín lé òfin yìí. Láti ọjọ́ 16 oṣù kẹta sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, nítorí náà ẹ wà láàárín oṣù méjìlá. Nínú ìjókòó àkọ́kọ́, 6 tí ẹ gbà nínú kíkọ ni ó kéré jù, ó sì dúró gan-an sí ibi tí wọ́n fi ààlà sí. Nínú ìkejì, 6.5 tí ẹ gbà nínú kíkà dúró sí ààlà tirẹ̀ bákan náà. Kò sí èyí tí ó já wálẹ̀. Wọn yóò wá mú 7 ti kíkà láti inú ti oṣù kẹta, wọn yóò mú 6.5 ti kíkọ láti inú ti oṣù kejìlá, gbígbọ́ àti sísọ sì ti dára nínú méjèèjì. Ká ní 5.5 ni ẹ gbà nínú kíkọ ní oṣù kẹta ni, ìwé àkọ́kọ́ yẹn kò ní ṣeé lò rárá, bí kíkà ibẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 9.

Nípa ti àkókò, ọdún méjì ni àbájáde IELTS fi ń wúlò lójú NMC, láti ọjọ́ tí ẹ jókòó ṣe ìdánwò náà, kì í ṣe láti ọjọ́ tí àbájáde jáde. Nígbà tí ẹ bá pa méjì pọ̀, méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣì wúlò ní ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́. Bí ti oṣù kẹta bá ti pé ọdún méjì, 7 ti kíkà tí ó gbé yín ró ti bá a lọ nìyẹn, ti oṣù kejìlá nìkan kò sì lè dá dúró nítorí pé 6.5 ni kíkà inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa fi ka ọjọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ẹni tí ó bá rí i pé àkókò yóò há fún òun lè gbà, n kò sì rí i kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ronú kàn án. Ẹ tún wo ìjókòó kejì yín dáadáa: kíkà nìkan ni ó kù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tún ìdánwò náà ṣe kí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2025 tó kọjá, tí ẹ sì gba 7 nínú kíkà, tí gbígbọ́ àti sísọ kò lọ sísàlẹ̀ 6.5 tí kíkọ kò sì lọ sísàlẹ̀ 6, ẹ lè pa á pọ̀ mọ́ ti oṣù kejìlá ọdún 2024, kí ẹ fi ti oṣù kẹta sílẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí àkókò yín yóò tán yóò sún lọ sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 2026. Oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni ẹ jèrè, iṣẹ́ tí ẹ sì fẹ́ ṣe fún un kò ju kí ẹ gbájú mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ jókòó fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìwé yín yòókù bá ti pé, ẹ má ṣe náwó náà. Bí kò bá tíì pé, èmi yóò ṣe é bí mo bá wà ní ipò yín.

Ìwé yòókù yẹn ni ó ń jẹ ọjọ́ ènìyàn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kéde pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí sí ìforúkọsílẹ̀ òun lọ́dọ̀ àjọ òkè-òkun gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, àti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni ìjẹ́rìí náà yóò gbà. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́, tí ó sì sáré lọ ṣe IELTS kí gírámà tó sá kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí ọdún méjì iṣẹ́ bá pé, ọdún méjì IELTS náà ti pé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó dúró títí yóò fi lé ní ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa kí ó tó lọ jókòó. Ní tèmi, agbanisíṣẹ́ kan ni ó mú fáìlì mi dání fún ìgbà pípẹ́ tí kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, títí ó fi kù díẹ̀ kí àbájáde mi kọjá àkókò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí pé kí ó fúnra rẹ̀ ṣí àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ NMC kí ó sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, láìdúró de agbanisíṣẹ́ kankan, nítorí pé ọjọ́ tí ìwé wọlé ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ dé.

Ẹni tí kíkọ bá fi ìdajì dín lè béèrè pé kí wọ́n tún ìwé òun yẹ̀ wò, ó sì gbọ́dọ̀ béèrè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọjọ́ ìdánwò. Owó ni wọn yóò gbà, ṣùgbọ́n bí máàkì bá gòkè, wọn yóò dá a padà. Fún ti oṣù kẹta yín, àyè yẹn ti kọjá tipẹ́.

Mo tún ń rí i tí àwọn ènìyàn ń sọ fún ara wọn ní Èkìtì pé NMC ti ń gba lẹ́tà agbanisíṣẹ́ dípò ìdajì máàkì tí ó kù. Òótọ́ ni pé ètò náà wà, ọdún 2023 kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Ìlú Ọba fún odidi ọdún kan láàárín ọdún méjì tí ó kọjá ni wọ́n ṣe é fún, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní Ìdó tàbí ní Adó kò lè kọ ọ́ fún wa. Bákan náà ni lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa kò tó, nítorí pé Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí NMC kà sí ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá fẹ́ yà sí OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, 350 ni wọ́n ń béèrè nínú gbígbọ́, kíkà àti sísọ, 300 sì ni nínú kíkọ. Lẹ́tà nípa aláìsàn kan ni ẹ máa kọ níbẹ̀, irú èyí tí a ń kọ nígbà tí a bá ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn mìíràn, ó sì rọrùn fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ju àròkọ IELTS lọ. Àmọ́ ẹ kò lè mú kíkà láti inú IELTS kí ẹ mú kíkọ láti inú OET. Irú ìdánwò kan náà ni a ń pa pọ̀. Nítorí náà, ní ipò tí ẹ wà yìí, OET yóò sọ àbájáde méjèèjì tí ẹ ní lọ́wọ́ nù, n kò sì rí ìdí tí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí NMC bá ti gba Gẹ̀ẹ́sì yín, wọn kì í béèrè ìdánwò mìíràn nítorí físà òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ tún lọ san owó IELTS tí wọ́n ń pè ní UKVI.