Kámẹ́rà méjì, orúkọ fáìlì kan: bí kílíìpù ṣe ń sọnù àti bí a ṣe ń dáàbò bò ó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò ìgbéyàwó ni mò ń yà ní Abẹ́òkúta, kámẹ́rà Sony méjì ni mo sì ń lò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo da káàdì méjèèjì sínú fódà kan ṣoṣo lórí láàtóòpù. Nígbà tí mo jókòó láti ẹ́díìtì, mi ò rí ohun tí kámẹ́rà àkọ́kọ́ yà nígbà tí ìyàwó ń wọlé mọ́. Mi ò sì pa nǹkan kan rẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀, báwo ni kí n ṣe máa to iṣẹ́ mi kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kó o tó ka ìyókù, lọ mú káàdì kámẹ́rà àkọ́kọ́ yẹn, kó o yà á sọ́tọ̀. Má fi ya ohunkóhun mọ́. Bí o kò bá tíì fọ́ọ̀màtì rẹ̀, fídíò rẹ wà níbẹ̀ ní pípé; ẹ̀dà tó wà nínú láàtóòpù nìkan ló lọ. Bí o bá ti fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ìrètí ṣì wà, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà, àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì wà ni fọ́ọ̀màtì máa ń nù, kì í ṣe fídíò náà gan-an. Ohun tuntun tí o bá yà lé e lórí ló ń pa á run. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PhotoRec tó máa ń wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jáde. Kì í dá orúkọ fáìlì padà o, fídíò gígùn tí káàdì pín sí ọ̀nà tó jìnnà síra sì lè má ṣí. Ohun tó bá rí, orí díráìfù mìíràn ni kó o kó o sí, má ṣe kó o padà sórí káàdì yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kámẹ́rà méjèèjì ló ń sọ fídíò wọn ní orúkọ kan náà. Bí Sony bá ń ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, fídíò àkọ́kọ́ á jẹ́ `C0001.MP4`, èkejì á jẹ́ `C0002.MP4`, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Kámẹ́rà kan kò mọ̀ pé èkejì wà. Nígbà tí o da káàdì kejì lé ti àkọ́kọ́, Windows rí i pé orúkọ ti wà níbẹ̀, ó sì bi ọ́ léèrè. Èyí tó wà lókè nínú ohun tó kọ síwájú rẹ ni `Replace the files in the destination`. Ẹni tó ti rẹ̀ láti àárọ̀, tó fẹ́ tètè sùn, ibẹ̀ ló máa tẹ̀. Bí kámẹ́rà kejì ṣe gba ipò àkọ́kọ́ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ `Delete`.

Nítorí náà, káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fódà tirẹ̀, kó o sì ti ṣẹ̀dá fódà náà kí káàdì tó wọ inú láàtóòpù. Ká mú ìgbéyàwó tó wáyé ní ọjọ́ Sátidé, 15 oṣù kẹta, 2025. Kámẹ́rà A lo káàdì méjì, kámẹ́rà B lo ẹyọ kan. Bí èmi á ṣe to iṣẹ́ náà nìyí:

```
2025-03-15_Igbeyawo_Abeokuta
  01_KAADI
    A1
    A2
    B1
  02_OHUN
  03_PIROJEETI
  04_JADE
```

`01_KAADI` wà fún ohun tí o kó láti orí káàdì, `02_OHUN` fún ohùn, `03_PIROJEETI` fún fáìlì pírójẹ́ẹ̀tì, `04_JADE` fún fídíò tó ti parí. Nínú orúkọ fódà ńlá náà, ọdún ló ṣíwájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ ló kẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà bá to wọn, gbogbo ìgbéyàwó rẹ á tò tẹ̀ léra bí o ṣe yà wọ́n. Bí o bá fi ọjọ́ ṣáájú, ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Má sì kọ ọ́ bíi 15/03/2025, torí Windows kò gba àmì `/` yẹn nínú orúkọ.

Wàá rí i pé mi ò fi àmì sórí "Igbeyawo" àti "Abeokuta". Èmi náà fẹ́ràn kí á kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú orúkọ fáìlì mo máa ń yọ ọ́ kúrò. Lẹ́tà bíi ẹ tàbí ọ̀ ní ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà fi í pamọ́. Lójú tiwa ọ̀kan náà ni, lójú sọ́fítíwíà ó lè jẹ́ orúkọ méjì tó yàtọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti orí Windows bọ́ sórí Mac, tàbí gba inú sípù kọjá, pírójẹ́ẹ̀tì rẹ lè sọ pé òun kò rí fáìlì tó wà níwájú òun. Orúkọ ìyàwó àti ọkọ pẹ̀lú àmì tó péye, inú fídíò ni kó o kọ ọ́ sí, níbi tí àwọn òbí wọn á ti rí i.

Fi bébà kékeré tó ń lẹ̀ tàbí máákà kọ A1, A2, B1 sára káàdì fúnra wọn, kí orúkọ ara káàdì àti ti fódà bára mu. Lára káàdì SD, bọ́tìnnì kékeré kan tó ṣeé tì sókè sódò wà létí rẹ̀. Bí káàdì bá ti kún, tì í sísàlẹ̀ sí ibi tí a kọ `LOCK` sí, kò ní gba ohun tuntun mọ́. Kó o sì tó kúrò nílé lọ́jọ́ òde, ṣètò aago kámẹ́rà méjèèjì kí wọ́n bára mu. Nígbà tí o bá ń ẹ́díìtì, wákàtí tí wọ́n ya kílíìpù ni wàá fi mọ èwo ló bá èwo lọ. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony tuntun tún ní ibi kan nínú mẹ́nù, lábẹ́ `File Settings`, tí o ti lè fún fídíò ní orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ tìrẹ. Fún ọ̀kan ní A, fún èkejì ní B, wàhálà orúkọ méjì ti dín kù láti orí kámẹ́rà.

Nígbà tí o bá ń kó káàdì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kó o kó, má ṣa fídíò nìkan. Lórí Sony, inú `PRIVATE\M4ROOT\CLIP` ni fídíò máa ń wà, fáìlì kékeré kan bíi `C0001M01.XML` sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́jú ìsọfúnni nípa kílíìpù náà. Kó o bí ó ṣe wà. Láti orí káàdì ni kó o ti kó o lọ sórí díráìfù kìíní, láti orí káàdì náà ni kó o tún ti kó o lọ sórí ìkejì. Ẹni tó bá ti orí díráìfù kìíní kó lọ sí ìkejì, bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá ní àbùkù, àbùkù náà ni yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Yóò gba àkókò. Bí o bá ń ya 4K ní 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, wákàtí kan fídíò jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 45. Bí A bá ya wákàtí mẹ́ta, tí B ya méjì, gígábáìtì 225 ni. Háàdì díìsìkì lásán lè lò tó wákàtí kan kó tó gbé e tán. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ láàárín, láàtóòpù tó ní bátìrì tó dára kò ní kú, ṣùgbọ́n díráìfù ńlá tó ń lo iná ògiri máa kú lọ́nà. Fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà lè ní orúkọ tó pé, kí inú rẹ̀ má pé. Díráìfù kékeré tó ń gba iná láti ara láàtóòpù ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Nítorí èyí ni mi ò ṣe ka kíkó tán sí pé iṣẹ́ ti pé. Ṣí káàdì, tẹ `Ctrl+A` láti mú gbogbo ohun inú rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí wọn, wo `Properties`, kó o ṣe bẹ́ẹ̀ nínú fódà A1 náà. Iye fáìlì gbọ́dọ̀ dọ́gba, iye báìtì tó wà níwájú `Size` náà gbọ́dọ̀ dọ́gba láìṣẹ́ku ẹyọ kan. Má wo `Size on disk`, ìyẹn lè yàtọ̀ láìsí pé nǹkan kan ṣe. Lẹ́yìn náà, ṣí kílíìpù tó kẹ́yìn, fà á lọ sí òpin, wò ó bóyá ó dé ibi tó yẹ kó dé. Sọ́fítíwíà bíi TeraCopy lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò fúnra rẹ̀ bí ó bá ti kó o tán. Bí fáìlì kan bá ń kọ ọ́ lóminú, ṣí `Command Prompt` nínú fódà tí fáìlì náà wà, kọ èyí síbẹ̀ fún ti orí káàdì, kó o tún ṣe é fún ti orí díráìfù:

```
certutil -hashfile C0001.MP4 SHA256
```

Ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan ló máa jáde. Bí méjèèjì bá jọra délẹ̀délẹ̀, fáìlì náà pé. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, tún un kó.

Ìgbà tí ẹ̀dà méjì bá ti wà, tí o sì ti yẹ̀ wọ́n wò, ni káàdì tó lè gba fọ́ọ̀màtì. Inú kámẹ́rà ni kó o ti ṣe é, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí kámẹ́rà lè to fódà bó ṣe ń fẹ́ ẹ.

Bí o bá fẹ́ yí orúkọ kílíìpù padà, bíi `20250315_A1_C0001.MP4`, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kí o tó mú un wọ Premiere ni, kó o sì ṣe é lórí ẹ̀dà tí o fi ń ṣiṣẹ́ nìkan. Fáìlì pírójẹ́ẹ̀tì kò ní fídíò kankan nínú. Àdírẹ́sì ló wà nínú rẹ̀: díráìfù báyìí, fódà báyìí, orúkọ báyìí. Bí o bá yí orúkọ padà lẹ́yìn tí o ti gé fídíò, `Media Offline` ni wàá bá lójú kọ̀ǹpútà, wàá sì máa fi `Locate` wá wọn. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ bí Windows bá fún díráìfù rẹ ní lẹ́tà F: lónìí, tó jẹ́ E: lánàá. Wọ `Disk Management`, fún un ní lẹ́tà kan tó wà lókèèrè bíi V:, kò sí ohun mìíràn tí yóò bá a du ú.

Ẹ̀dà kejì kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́. Olè tó gbé báàgì láàtóòpù, díráìfù méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ ló gbé. Mo mọ̀ pé gígábáìtì 225 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí owó dátà wa lè gbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò sì ní sọ pé kó o ṣe é. Gbé díráìfù kejì lọ sílé ìyá rẹ tàbí sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó yẹ kó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ ni fáìlì pírójẹ́ẹ̀tì, torí kò tóbi rárá, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ orí rẹ wà. Bí iṣẹ́ bá parí, fi fídíò tó jáde náà sí i. Ṣọ́ra fún fódà tó ń bá íńtánẹ́ẹ̀tì dọ́gba fúnra rẹ̀: bí o bá pa fáìlì rẹ́ níhìn-ín, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp kì í sì í ṣe ẹ̀dà; wọ́n ti fún un pọ̀, dídára rẹ̀ ti lọ.

Háàdì díìsìkì náà ń darúgbó. Bí tìrẹ bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tàbí tó ń pẹ́ kó tó ṣí fódà tó máa ń ṣí lójú ẹsẹ̀, má dúró di ọ̀la, kó ohun inú rẹ̀ sórí òmíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nípa ìgbà tó yẹ kó o pa fídíò tí o yà rẹ́, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí òde tó dé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba fídíò wọn ni mo máa ń kọ. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo máa ń pe ìdílé náà. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń mú díráìfù tiwọn wá láti kó gbogbo rẹ̀ lọ.