Èsì: ọmọ ọdún 3 àti agolo bisikíìtì

"Ọmọ ọdún 3 mi gbà pé ohun tí òun mọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ṣé kò séwu?"

Kò séwu rárá. Ẹ kó òwú ìránṣọ sínú agolo bisikíìtì, kó má rí yín. Ẹ bi í ní ohun tó wà níbẹ̀. Á ní bisikíìtì. Ẹ ṣí i hàn án, kí ẹ dé e padà, kí ẹ wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì rí inú rẹ̀. Kí ló máa rò pé ó wà níbẹ̀?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 á ní òwú. Kódà, tí ẹ bá bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rò, á tún ní òwú! Kì í ṣe irọ́ o. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ló bo èrò àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún 4 sí 5 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dáhùn rẹ̀ bó ṣe tọ́. Ẹ má fi "ṣebí" rọ́pò "rò" nínú ìbéèrè yín, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti tú àṣírí pé èrò náà ò tọ̀nà.