Akápò kì í ṣe ará ìta, báńkì kì í sì í ṣe ibi ìpamọ́

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ká ya àwòrán ìṣàn dátà fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìpele òdo àti ìpele kìíní. Mo kà á níbì kan pé èèyàn ni ará ìta, kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́, fáìlì ni ibi ìpamọ́. Mo wá fi akápò ṣe ará ìta, mo fi báńkì ṣe ibi ìpamọ́ nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Wọ́n fagi lé méjèèjì. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Àlàyé tí o kà yẹn ti tàn kálẹ̀ jù, ó sì ń bí mi nínú. Ìrísí ló fi ń dá nǹkan mọ̀. Àwòrán ìṣàn dátà kò bìkítà bóyá nǹkan ní ẹsẹ̀ tàbí ó ní wáyà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí nǹkan náà ń ṣe sí dátà nínú ètò tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Bó bá ń gba dátà wọlé tó sì ń sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, iṣẹ́ ni. Bó bá kàn ń pa á mọ́ títí tí iṣẹ́ kan yóò fi wá wò ó, ibi ìpamọ́ ni. Bó bá wà lẹ́yìn odi ètò náà, tó ń fi dátà ránṣẹ́ sí wa tàbí tó ń gbà á lọ́wọ́ wa, ará ìta ni.

Odi yẹn gan-an ni kókó, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Bi ara rẹ léèrè nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: ṣé àwa tí à ń ṣe ètò yìí lè sọ fún un pé kó yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà? O lè ní kí akápò máa kọ rìsíìtì ní ẹ̀dà méjì, o sì lè ní kó fi òpó kan kún lẹ́jà. Inú odi ló wà nìyẹn. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ni akápò, a kì í sì í ya ọwọ́. Iṣẹ́ tí ọwọ́ náà ń ṣe là ń yà, orúkọ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí à ń ṣe: "Gba ìdáwó sílẹ̀". Tí o bá kọ "Akápò" tàbí "Ọ́fíìsì ìṣúná" sínú àmì iṣẹ́, o ti kọ orúkọ èèyàn síbi tó yẹ kí ìṣe wà. Ṣùgbọ́n bí akápò kan náà bá san ìdáwó tirẹ̀ lóṣù, "Ọmọ ẹgbẹ́" ni lọ́jọ́ yẹn, ó sì ti wà lára àwọn ará ìta láìjẹ́ pé o ya á lọ́tọ̀.

Báńkì ńkọ́? O ò lè ní kí báńkì yí bó ṣe ń tẹ sítétímẹ́ǹtì padà. Ará ìta ni. Pé owó wà níbẹ̀ kò sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ rẹ, nítorí owó kì í ṣàn nínú àwòrán yìí rárá. Ọ̀rọ̀ nípa owó ló ń ṣàn: iye, ọjọ́, orúkọ ẹni tó san án. Má ya owó, má sì ya ìwé ẹ̀rí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé rẹ̀.

Odi náà lè sún o. Ká ní ètò ìyáwó nìkan ni wọ́n ní kí o ṣe, tí lẹ́jà ìfowópamọ́ sì wà lábẹ́ ètò mìíràn tí ẹ ò láṣẹ lé lórí, ètò mìíràn yẹn á di ará ìta fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ fáìlì lásán ni lójú rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìrísí ò ṣeé gbára lé.

Jẹ́ ká wá ya tìrẹ. Ní ìpele òdo, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà, nọ́ńbà rẹ̀ ni 0: "Ṣètò ìfowópamọ́ àti ìyáwó". Ará ìta mẹ́ta ló yí i ká. Ọmọ ẹgbẹ́ ń mú ẹ̀rí ìsanwó àti ìbéèrè ìyáwó wá, ó ń gba rìsíìtì àti ìdáhùn. Báńkì ń fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́, ó ń gba àṣẹ ìsanwó. Ìgbìmọ̀ ìyáwó ń gba ìbéèrè tí a ti yẹ̀ wò, ó ń dá ìpinnu padà. Ọfà ni a fi ń ya dátà kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé tàbí tó ń jáde. Ọfà mẹ́jọ, ó parí. Ibi ìpamọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, nítorí inú ètò ni àwọn lẹ́jà wà, o kò sì tíì ṣí inú ètò. (Àwọn kan ń pe àwòrán yìí ní àwòrán àyíká, wọ́n á wá pe èyí tó tẹ̀ lé e ní òdo. Èyí tí olùkọ́ rẹ bá ń lò ni kí o lò.)

Ìgbìmọ̀ ìyáwó ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń jókòó fún ara wọn, tí ètò kàn ń gba ìpinnu wọn, ìta ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ká ní òfin ẹgbẹ́ ni pé ìyáwó kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì ìfowópamọ́ lọ, tí ètò náà sì ń fi òfin yẹn dá èèyàn lóhùn láìdúró de ẹnikẹ́ni, ìpinnu ti di iṣẹ́ nìyẹn, ìgbìmọ̀ á sì kúrò nínú àwòrán.

Ní ìpele kìíní, a ṣí 0, a rí iṣẹ́ mẹ́rin: 1 Gba ìdáwó sílẹ̀, 2 Yẹ ìbéèrè wò, 3 Ṣe ìpinnu ìyáwó yọrí, 4 Fi lẹ́jà wé sítétímẹ́ǹtì. Ibi ìpamọ́ méjì: D1 Lẹ́jà ìfowópamọ́, D2 Àkọsílẹ̀ ìyáwó. Iṣẹ́ 1 ń kọ sínú D1. Iṣẹ́ 2 ń ka D1 láti mọ iye tí ẹni náà ti fi pamọ́, ó ń ka D2 láti mọ gbèsè tó kù, ó sì ń kọ ìbéèrè náà sínú D2. Kí ló dé tó fi kọ ọ́ síbẹ̀? Nítorí ìgbìmọ̀ lè má jókòó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Dátà náà ní láti dúró síbì kan kí iṣẹ́ 3 tó wá gbé e. Ìdúró yẹn ni ibi ìpamọ́ wà fún. Bí iṣẹ́ kan bá lè fa dátà lé èkejì lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ọfà lásán tó. Ìwé rìsíìtì tí iṣẹ́ 1 nìkan ń lò pẹ̀lú, fi í pa mọ́ sínú iṣẹ́ 1. Ìpele ìsàlẹ̀ ló ti máa yọjú.

Nísinsìnyí tí sọ́fítíwíà ń to àpótí fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ ò fi pẹ́ńsù tọ ọfà kọ̀ọ̀kan mọ́, àṣìṣe sì ń kọjá lójú wọn. Wo iṣẹ́ 4 dáadáa. Ọ̀pọ̀ á fa sítétímẹ́ǹtì àti D1 wọ inú rẹ̀, wọn ò ní fa nǹkan kan jáde. Iṣẹ́ tó ń gbé dátà mì tí kò pọ ohunkóhun kò ṣiṣẹ́. Àtúnṣe ló yẹ kó jáde lọ sí D1. Tí iṣẹ́ 2 bá sì ń sọ iye ìfowópamọ́ èèyàn láìka D1, níbo ló ti mọ̀ ọ́n?

Ọfà láti D1 lọ sí D2 kò gbọ́dọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni ọfà láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ lọ tààrà sí D1. Lẹ́jà ò ní ọwọ́ tí yóò fi kọ̀wé. Iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín. Ohun tí báńkì bá sì ń bá ìgbìmọ̀ sọ lẹ́yìn wa kò kàn wá, má ya á.

Lẹ́yìn náà, ka àwọn ọfà tó ń kọjá odi ní ìpele kìíní. Ẹ̀rí ìsanwó àti rìsíìtì wà lọ́dọ̀ 1. Ìbéèrè ìyáwó àti ìbéèrè tí a ti yẹ̀ wò wà lọ́dọ̀ 2. Ìpinnu, ìdáhùn àti àṣẹ ìsanwó wà lọ́dọ̀ 3. Sítétímẹ́ǹtì wà lọ́dọ̀ 4. Mẹ́jọ náà ni, orúkọ kan náà sì ni wọ́n ń jẹ́. Bí ìkẹsàn-án bá yọjú, padà sí ìpele òdo kí o fi kún un, tàbí kí o pa á rẹ́ bí kò bá nídìí.