Ímeèlì sí àwọn oníṣòwò kéékèèké l'Ádó-Èkìtì

Ìbéèrè: Ímeèlì mélòó ni kí n fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò tí ò mọ̀ mí rí, ìgbà wo ni kí n ṣíwọ́?

Mẹ́rin ti tó: lẹ́yìn àkọ́kọ́ ẹ fún un ní ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà ọjọ́ 5, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ kan, tí ò bá sí èsì sí ẹ̀kẹrin, ẹ ṣíwọ́.

Ká ní oníkéèkì kan l'Ádó lẹ fẹ́ bá ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ gùn, ẹ sọ nǹkan kan tẹ́ ẹ rí gan-an, bíi pé nọ́ńbà tó wà lórí Google Maps ẹ̀ ò lọ mọ́, kẹ́ ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Tusidé àárọ̀ dáa, torí tó bá di Fúráìdè kéèkì òde ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìkejì, ẹ fi ṣe èsì sábẹ́ ti àkọ́kọ́ kó lè rántí, àmọ́ ẹ fi nǹkan tuntun kún un, bí àwòrán bí ojú ìwé ẹ̀ ṣe máa rí, torí "ṣé ẹ rí ímeèlì mi" lásán kì í mú èsì wá. Ẹ̀kẹta, ìlà méjì. Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ pé ẹ ò ní kọ̀wé mọ́.

Tó bá ní òun ò fẹ́, tàbí ímeèlì padà wá pé àdírẹ́sì ò sí, ẹ ṣíwọ́ lójú ẹsẹ̀, torí tí irú ẹ̀ bá pọ̀, sípáàmù ni tiyín á máa bọ́ sí. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀ nìkan lẹ lè tún kọ sí.