Èsì: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tì pa
"Ọmọ mi pé oṣù 16, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àtẹ̀gùn, sítóòfù, oògùn ìyá rẹ̀ tó lóyún: èwo ni kí n kọ́kọ́ mójú tó?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ fi pákó dí àtẹ̀gùn lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Oògùn ló ń bà mí lẹ́rù jù, pàápàá oògùn ẹ̀jẹ̀ aláboyún. Irin ló wà nínú rẹ̀, ọmọdé sì lè rò pé suwíìtì ni. Hóró kan sábà máa ń ní irin tó tó mílígíráàmù 60. Bí ọmọ tó wọn kílò 10 bá gbé hóró 10 mì, ó lè pa á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí oògùn ẹ̀jẹ̀ nínú báàgì ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé e mì. Ó bì, ó ṣu gbuuru, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ó tún ń ṣeré. Màmá wa ní ó ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní ìrọ̀rùn yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ, torí irin náà ṣì lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ bá gbé oògùn yìí mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fipá mú un bì: epo lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ka hóró tó kù, ẹ mú páálí oògùn dání, kí ẹ gbéra lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Orí kọ́bọ́ọ̀dù kò tó, ọmọ á gun àga. Ẹ ra àpótí onírin àti àgádágodo ní Tákíẹ́, kí ẹ kó gbogbo oògùn ilé sínú rẹ̀, títí kan ti ìyá àgbà tó bá wá kí yín.