Orúkọ kan náà, èsì méjì: tábìlì Paitágórásì àti ti Kaldéà

*Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìṣirò orúkọ. ESTHER ni mò ń jẹ́, àfẹ́sọ́nà mi ń jẹ́ DANIEL. Áàpù kan ní a bára mu bí ìgbín àti ìkarahun, òmíràn ní ká má dán an wò. Orúkọ kan náà ni mo tẹ̀ sí méjèèjì. Kí ló fà á, èwo ni kí n sì gbà gbọ́?"*

Kò sí èyí tó ṣìṣe nínú àwọn áàpù yẹn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọn orúkọ yín ni kò dọ́gba. Ọ̀kan ń lo tábìlì tí wọ́n ń pè ní ti Paitágórásì, èkejì ń lo ti Kaldéà. Bí tábìlì méjèèjì ṣe rí nìyí:

```
    Pythagorean   Chaldean
1   A J S         A I J Q Y
2   B K T         B K R
3   C L U         C G L S
4   D M V         D M T
5   E N W         E H N X
6   F O X         U V W
7   G P Y         O Z
8   H Q Z         F P
9   I R           -
```

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọkọ ṣáájú. Ní ti Paitágórásì, D jẹ́ 4, A jẹ́ 1, N jẹ́ 5, I jẹ́ 9, E jẹ́ 5, L jẹ́ 3. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 27 ni. Wọn kì í fi 27 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọ́ ọ sí 2 àti 7, wọ́n á tún un rò, ó di 9. Ní ti Kaldéà, lẹ́tà márùn-ún nínú mẹ́fà yẹn ò yẹsẹ̀ rárá. I nìkan ló kúrò ní 9 tó bọ́ sórí 1. Ẹyọ lẹ́tà yẹn ló sọ 27 di 19. Ẹ fọ́ 19, ó di 10. Ẹ fọ́ 10, ó di 1. Ọkùnrin tó jẹ́ 9 lọ́dọ̀ àwọn ará ibí ti di 1 lọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀hún.

Tiyín tiẹ̀ yí ju ti ọkọ lọ. ESTHER ní ti Paitágórásì jẹ́ 5, 1, 2, 8, 5, 9. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, ó di 3. Ní ti Kaldéà, ó jẹ́ 5, 3, 4, 5, 5, 2. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, ó di 6. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, E méjèèjì nìkan ni kò kúrò lójú kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìbáramu ti wọlé ni pé ọ̀pọ̀ áàpù pín nọ́ńbà sí agboolé mẹ́ta: 1, 5 àti 7 wà nínú ọ̀kan, 2, 4 àti 8 wà nínú èkejì, 3, 6 àti 9 wà nínú ẹ̀kẹta. Àwọn tó bá jọ wà ní agboolé kan ni wọ́n ní wọ́n bára mu jù. Áàpù àkọ́kọ́ rí 9 àti 3, ọmọ ilé kan náà, ló bá kí yín kú oríire. Èkejì rí 1 àti 6, tí ọ̀kan wà ní ìlà oòrùn tí èkejì wà ní ìwọ̀ oòrùn, ló bá fa ojú ro. Ẹ ò rí i pé láti orí I kan, S kan, T kan, H kan àti R kan ni gbogbo ìjà yìí ti wá.

Tábìlì Paitágórásì kò ní àṣírí kankan nínú. Ẹ to álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì láti A dé I kí ẹ kà á láti 1 dé 9. Tí ẹ bá dé J, ẹ padà sí 1. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti S. Ó parí. Paitágórásì fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, Gíríìkì ló ń sọ, kò sì fi ìwé kankan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ J àti U ò tíì dá dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà títí di nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600. Amẹ́ríkà ni tábìlì náà ti gbilẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Wọ́n so orúkọ bàbá náà mọ́ ọn nítorí pé òun ló gbajúmọ̀ fún pípe nọ́ńbà ní ìpìlẹ̀ ohun gbogbo.

Ti Kaldéà ló ń dùn mọ́ mi láti tú. Lójú, ó dà bí ẹni pé wọ́n kàn da àwọn lẹ́tà síbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí àwọn Hébérù ṣe ń fi lẹ́tà ka nọ́ńbà á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, Álẹ́fì jẹ́ 1, Bẹ́tì jẹ́ 2, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 10, lẹ́yìn náà ó ń fi mẹ́wàá mẹ́wàá gòkè dé 100, kó tó máa fi ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún lọ. Réṣì tó dúró fún R jẹ́ 200. Ẹ yọ òdo kúrò, ó ku 2. Ṣíínì tó dúró fún S jẹ́ 300, ó ku 3. Táfù tó dúró fún T jẹ́ 400, ó ku 4. Yódì jẹ́ 10, òun ló sì bí I, J àti Y, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jókòó sórí 1. Fáfù jẹ́ 6, òun ló bí U, V àti W. Péè jẹ́ 80, a sì lè pè é ní P tàbí F, ni àwọn méjèèjì ṣe jọ wà ní 8.

Àlàfo tó wà ní 9 ńkọ́? Àwọn tó ń lò ó máa ń sọ pé 9 jẹ́ nọ́ńbà mímọ́, kò yẹ kí lẹ́tà gùn ún. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà Hébérù tó yẹ kó fún wa ní 9 ni Tẹ́tì tó jẹ́ 9 àti Sádè tó jẹ́ 90, kò sì sí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹnì kejì wọn gan-an. Lójú tèmi, àìsí ẹni tó máa jókòó ló jẹ́ kí àga ṣófo. Ẹ má sì gbàgbé pé àròpọ̀ orúkọ ṣì lè di 9 ní ti Kaldéà. Ẹyọ lẹ́tà kan ni kò lè jẹ́ ẹ. Orúkọ Kaldéà tí wọ́n fún un náà, orúkọ oyè ni. Ẹni tó sọ ọ́ di mímọ̀ jù ni ọmọ Áyálándì kan tó ń wo àtẹ́lẹwọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní Cheiro. Wọ́n bí i ní 1866, ó kú ní 1936.

Ibí ni ìdí kejì ti yọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í sì í kíyè sí i: àwọn agboolé fúnra wọn ò dọ́gba. Lọ́dọ̀ Cheiro, 1 ń bá 2, 4 àti 7 ṣe. Nínú agboolé tí mo kà lókè, 1 ń bá 5 àti 7 ṣe, 4 kì í sì í ṣe ẹbí rẹ̀. Agboolé 3, 6 àti 9 nìkan ló dọ́gba lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Nítorí náà, kódà tí áàpù méjì bá fún yín ní nọ́ńbà kan náà, wọ́n ṣì lè dájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdí kẹta ni orúkọ wo lẹ tẹ̀. Àwọn ti Paitágórásì fẹ́ orúkọ ìbí yín ní kíkún, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Àwọn ti Kaldéà fẹ́ èyí tí àwọn èèyàn ń pè yín lójoojúmọ́. Ẹ tẹ ẹyọ orúkọ kan sí méjèèjì. Ìyẹn bá ìlànà ti Kaldéà mu tó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń pè yín nìyẹn, àmọ́ kò tó fún ti Paitágórásì. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í sì í sọ pé àwọn lẹ́tà bí ẹ, ọ àti ṣ ò sí nínú tábìlì kankan; wọ́n á kàn gba àmì wọn, wọ́n á fi e, o àti s rọ́pò.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí bí ilẹ̀ náà ṣe ń yọ̀ tó. Àwọn kan ń kọ orúkọ yín láìsí H, ESTER. Ẹ rò ó ní ti Kaldéà: 5, 3, 4, 5, 2. Ó jẹ́ 19, ó di 1. DANIEL pẹ̀lú jẹ́ 19, ó di 1. Àwọn tí kò bára mu níṣẹ̀ẹ́jú méjì sẹ́yìn ti di ìbejì, títí dórí nọ́ńbà tó wà kí a tó fọ́ ọ, èyí tí àwọn ti Kaldéà kà sí gan-an. Ẹ wá rò ó ní ti Paitágórásì: 5, 1, 2, 5, 9. Ó jẹ́ 22. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà ọ̀gá, 11, 22 àti 33, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fọ́. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, 4 ni. Bó ti wù kó jẹ́, kò sí ní agboolé 9 mọ́. H kan ṣoṣo, èsì méjèèjì sì pààrọ̀ ibùjókòó.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu púpọ̀. Níwọ̀n bí agboolé ti jẹ́ mẹ́ta, tí nọ́ńbà bá ń bọ́ síbi tó wù ú, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tọkọtaya ni áàpù á sọ pé wọ́n jọ wà nílé kan. Tí tábìlì méjèèjì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nǹkan bí tọkọtaya mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án ni ọ̀kan á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún, tí èkejì á sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ ní èwo ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Mo ti ń bá ìṣirò yìí ṣeré pẹ́, mi ò sì tíì rí ohun tó fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn tábìlì yìí mọ tọkọtaya tó máa bára wọn kalẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ máa fi ṣeré, ẹ mú tábìlì kan kẹ́ ẹ dúró tì í; kíkọjá láti ìkan sí èkejì títí tí èyí tó wù yín á fi jáde, ẹ̀yin lẹ dáhùn ìbéèrè náà, kì í ṣe nọ́ńbà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ tábìlì tí áàpù kan ń lò, ẹ tẹ I nìkan sí i. Tó bá ní 9, Paitágórásì ni. Tó bá ní 1, Kaldéà ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ ADAM àti LEDA. Lẹ́tà mẹ́wàá péré ni iye wọn dọ́gba nínú tábìlì méjèèjì, A dé E àti J dé N, inú wọn ni gbogbo lẹ́tà orúkọ méjèèjì yìí ti wá. ADAM á jẹ́ 10, ó di 1. LEDA á jẹ́ 13, ó di 4. Ibi yòówù kẹ́ ẹ rò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí áàpù kan bá wá ní wọ́n bára mu, tí èkejì ní wọn ò bára mu, ẹ ti mọ̀ pé ìjà náà ò sí lórí lẹ́tà mọ́, àwọn agboolé ni wọ́n pín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.